Ìbéèrè àti ìdáhùn: bí a ṣe ń bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ìwé kíkà fún ìgbádùn ní àsẹ́ńbìlì òwúrọ̀

A kọ ojú-ewé yìí fún olùkọ́, òbí tàbí àlejò tí wọ́n ní kó wá bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀ lórí ìwé kíkà yàtọ̀ sí ti kíláàsì, ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ìdáhùn wa tẹ̀ lé: ka ojú-ewé kan síta fún wọn, dá a dúró níbi tó ti dùn jù, kí o sì rí i pé ìwé náà wà níbi tí ọwọ́ wọn lè tó o kí bírèkì tó parí.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìyànjú lásán kì í ṣiṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń di ọ̀nà. Tí a bá ní "lọ kàwé rẹ", ìbáwí ni ọmọ ń gbọ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nígbà tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí ìdánwò bá kù dẹ̀dẹ̀, tàbí nígbà tó bá gba ipò kejìlélógún. Tí a bá sì ní "ẹni yẹn kàwé", ohun tí a ń sọ ni pé ó ní ìwé ẹ̀rí. Kò sí ìgbádùn nínú méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró níwájú àwọn ọmọ tó ń tún "ẹ kàwé, ẹ kàwé" sọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun tí wọ́n ti ń gbọ́ nílé ló ń fi kún, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́.

Ẹ sọ pé "ka ìtàn", "ìwé ìtàn", "ìwé ẹranko", "ìwé bọ́ọ̀lù". Ẹ dárúkọ ohun tó wà nínú ìwé dípò ìwé gan-an. Kí ẹ má sì dárúkọ ìdánwò rárá, kódà láti fi ṣe àwàdà. Gbàrà tí ẹ bá ti sọ pé ìtàn kíkà máa jẹ́ kí wọ́n mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, òtítọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ìtàn náà di iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ìṣẹ́jú mélòó ni kí ọ̀rọ̀ náà gbà?

Mẹ́fà. Kí ó tó kàn yín, àwọn ọmọ ti kọrin, wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti kọ orin orílẹ̀-èdè, wọ́n ti ka ẹ̀jẹ́, wọ́n ti yẹ èékánná wọn wò, wọ́n sì ti gbọ́ ìkéde owó ilé-ìwé. Òmíràn nínú wọn kò tíì jẹun. Tí ẹ bá kọjá ìṣẹ́jú méje, ẹ óò rí i lára ìlà tó wà lẹ́yìn: wọ́n á máa gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, wọ́n á máa ti ara wọn.

Ẹ fi ìṣẹ́jú kan kí wọn kí ẹ sì wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ fi mẹ́ta kàwé síta, ẹ fi méjì tó kù sọ bí wọ́n ṣe máa rí ìwé náà gbà. Ní gbangba ìta, ẹni tó ń ka Yorùbá kí ọmọ tó wà lẹ́yìn lè gbọ́ kò ní ka púpọ̀ ju nǹkan bí 100 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan lọ. Nítorí náà, àyọkà yín kò gbọdọ̀ ju 300 ọ̀rọ̀. Ẹ dìde dúró nílé, ẹ gbé ohùn sókè, ẹ fi aago fóònù wọ̀n ọ́n. Èyí tí ẹ bá jókòó kà jẹ́ẹ́jẹ́ lórí àga máa ń purọ́ fún yín.

Ọjọ́ wo ló dára jù?

Ọjọ́bọ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin sáà. Ìkéde ti kún Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Jímọ̀, ní Ìlọrin pàápàá, ọkàn gbogbo ènìyàn ti wà ní mọ́ṣáláṣí. Ìwé tí ọmọ bá gbà ní Ọjọ́bọ̀ máa bá a dé òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Irú ojú-ewé wo ni kí n yàn?

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù nìyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣe é ní wàràwàrà. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ewé kìíní ìwé, torí pé ojú-ewé kìíní ọ̀pọ̀ ìtàn máa ń sọ ibi tí wọ́n ti bí ẹnìkan àti irú ilé tó ń gbé. Ẹ wá ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, tí kò ju ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń fi etí gbọ́ kò lè padà sẹ́yìn lọ wo ẹni tí orúkọ kẹrin jẹ́.

Gígùn gbólóhùn náà ṣe pàtàkì. Ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ D. O. Fágúnwà, èyí tó jáde ní 1938, dùn létí, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ gùn, ó sì ń fẹ́ èémí. Ẹni tí kò bá ti kà á síta ní ìgbà mẹ́rin ṣáájú á já a sí àárín, ìtumọ̀ á sì fọ́n. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, *Àjà Ló Lẹrù*, tó jáde ní 1969, kún fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó ń sáré, ó sì rọrùn láti kà síta. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ni, àwọn ọmọ girama àgbà ló yẹ, kì í ṣe ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá ti yan ojú-ewé, ẹ kà á fún ọmọ méjì tàbí mẹ́ta nílé, ẹ dá a dúró níbi tí ẹ fẹ́ dá a dúró, ẹ sì pa ẹnu mọ́. Tí wọ́n bá bèèrè pé "kí ló wá ṣẹlẹ̀?", ẹ ti rí i. Tí wọ́n bá ní "ó dáa, ẹ ṣé o", ẹ wá òmíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ kan hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀fà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ọmọ tí kò tíì ka ìwé kankan rí níbẹ̀ mọ ohun tí à ń pè ní agbo ìjàkadì. Nítorí náà, ìtàn ìjàkadì la yàn. Àwa la kọ àyọkà inú rẹ̀ fún àpẹẹrẹ yìí. Ẹ ó fi ti ìwé tó wà lọ́wọ́ yín rọ́pò rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ dẹ ẹsẹ̀ yín. Mi ò mú ìkéde wá. Ìwé kan ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ ka ibì kan níbẹ̀ fún yín. Ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Àjànàkú. Kò sí ẹni tó tíì gbé e ṣubú rí. Ẹni tó kù tó fẹ́ bá a jà lọ́jọ́ náà ni ọmọ ìyá oníyán.

'Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ ìyá oníyán bọ́ sí àárín agbo. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ṣòkòtò rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Àjànàkú wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o wá síbí?" Ọmọ náà kò fèsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó fi ra àtẹ́lẹwọ́. Onílù yí ìlù padà. Àjànàkú fò mọ́ ọn, ó gbá a mú ní ìbàdí, ó gbé e sókè bí ẹni gbé àpò gààrí. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kúrò nílẹ̀. Àwọn obìnrin fi ọwọ́ bo ojú. Ìgbà náà ni ọmọ ìyá oníyán na ọrùn sí etí Àjànàkú, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọwọ́ Àjànàkú bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.'

Ẹ̀dà márùn-ún ìwé yìí wà lórí tábìlì lábẹ́ igi máńgòrò. Tí agogo bírèkì bá lù, ẹ wá síbẹ̀. Ẹ óò mú un lọ sílé fún ọjọ́ méje. Kò sí ìdánwò lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi yín ní ìbéèrè. Tí ẹ bá kà á dé ojú-ewé kẹwàá tí kò dùn mọ́ yín, ẹ dá a padà, ẹ gba òmíràn. Àwọn ìwé mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ṣeun."

Ẹ wo ibi tí a ti dá a dúró. Tó bá jẹ́ ìgbà tí Àjànàkú gbé ọmọ náà sókè ni, ọmọ tó ń gbọ́ á ti mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ó máa là á mọ́lẹ̀, kò sí ohun tó ń wá mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà báyìí tí kò gbọ́, kò sì sí ibòmíràn tó ti lè gbọ́ ọ bí kò ṣe nínú ìwé. Lẹ́yìn "gbọ̀n", ẹ pa ìwé dé, ẹ ka ẹyọ kan sí mẹ́rin nínú ọkàn yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀ padà. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń nira fún ẹni tí kò mọ́ lára, á fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dí i.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ẹ má bèèrè pé "ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó sọ?" Gbogbo wọn á pariwo "Bẹ́ẹ̀ ni sà!", ariwo náà á sì tú ohun tí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kó jọ sínú wọn ká.

Èdè wo ni kí n fi sọ ọ́?

Èdè tí ìwé náà wà ni kí ẹ fi ka àyọkà, Yorùbá ni kí ẹ fi sọ ìyókù bí ọ̀gá ilé-ìwé bá gbà. Bí àwọn ọmọ bá ń sọ Ìgbómìnà tàbí Ìbọ̀lọ́ láàárín ara wọn, kò burú kí ẹ fi kí wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tẹ́tí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ló ń ṣòro fún láti kà á, torí pé inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń pe lẹ́tà pọ̀. Kíkà tí ẹ kà síta ti gbé ohùn ìtàn náà sí wọn létí. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀ nínú ìwé, wọ́n á dá a mọ̀. Ẹ̀yin náà ní láti múra sílẹ̀. Àwọn ìwé kan kò fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀, ojú lè gbé ọkọ̀ kó pè é ní ọkọ́. Ẹ fi pẹ́ńsù fi àmì sí àwọn ọ̀rọ̀ tó lè kọ́ yín lẹ́sẹ̀.

Kò sí makirofóònù nílé-ìwé wa. Báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́?

Ọmọ 300 lè gbọ́ ohùn ènìyàn láìsí ẹ̀rọ, bí wọ́n bá dúró dáadáa. Ìlà tó gùn lọ sẹ́yìn ló ń fa wàhálà. Ẹ bẹ olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n yí yín ká ní apá mẹ́ta, kí àwọn kékeré jókòó síwájú. Ọ̀nà tó wà láàárín yín àti ọmọ tó jìnnà jù á dín kù gan-an.

Oòrùn àárọ̀ ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn. Tó bá kọjú sí àwọn ọmọ, wọ́n á máa ṣẹ́jú, wọn ò ní rí yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọjú sí i, kí àwọn ọmọ kọ ẹ̀yìn sí i. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ló yàtọ̀. Láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, láti àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́, tí ẹ bá sì kọjú sí i, ẹ̀yìn yín ló máa gbé ohùn yín lọ. Eruku ọyẹ́ ti bo oòrùn lójú lásìkò yẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wà lẹ́yìn yín. Ẹ mu omi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọyẹ́ máa ń gbẹ ọ̀fun.

Ẹ ṣe ẹ̀dà ojú-ewé kan yẹn ní lẹ́tà ńlá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Àmọ́ ìwé gan-an ni kí ẹ gbé dání kí wọ́n rí i. Páálí náà lè wà nínú rẹ̀. Ẹ dì í mú ní àyà, kó má bo ẹnu.

Ìwé mélòó ló yẹ kó wà lórí tábìlì?

Ẹ̀dà márùn-ún ìwé tí ẹ kà, ó kéré tán mẹ́ta, àti 30 sí 40 oríṣiríṣi mìíràn. Ohun tó máa ń ba ọ̀rọ̀ tó dára jù jẹ́ ni pé yàrá ìkàwé wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìfẹ́ ọmọ láti mọ ọ̀rọ̀ kan kì í sùn mọ́jú. Tí kò bá rí ìwé ní bírèkì, bọ́ọ̀lù á gbà á. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Ìwé àkọsílẹ̀ kan tó: orúkọ, kíláàsì, àkọlé ìwé, ọjọ́ tó gbà á, ọjọ́ tó dá a padà. Púrífẹ́ẹ̀tì méjì lè mójú tó o. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí kò rí ìwé ìtàn náà gbà sí ojú-ewé tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n mọ ipò tí wọ́n wà. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ da gbogbo ìwé náà kọ nítorí pé ẹ̀dà kò tó, òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò fàyè gbà á. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà kan péré lẹ ní, kí olùkọ́ kan máa ka orí kan síta lójoojúmọ́ lábẹ́ igi fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó.

Ìwé á ya, ọ̀kan tàbí méjì á sọnù. Bí ẹ bá bu owó ìtanràn lé ọmọ àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ nù, àwọn òbí yòókù á ní kí ọmọ wọn má gba ìwé wálé mọ́.

Ṣé kí a fún ẹni tó bá ka ìwé tó pọ̀ jù ní ẹ̀bùn?

Rárá, ìdí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ní 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ràn láti fi kálà yàwòrán. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún apá kan kí wọ́n tó yàwòrán; wọ́n fún apá kejì lójijì lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán; wọn ò fún apá kẹta ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n tún kó kálà sílẹ̀ lẹ́yìn náà láìsí ẹ̀bùn, àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí fún kò fi bẹ́ẹ̀ yàwòrán mọ́ bí àwọn yòókù. Ẹ̀bùn àìròtẹ́lẹ̀ kò ṣe irú ìpalára bẹ́ẹ̀. Àwòrán ni wọ́n lò, kì í ṣe ìwé, àwọn ọmọ náà sì kéré. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń rí nílé-ìwé jọ ọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka iye ìwé, ọmọ á gba èyí tó tín-ín-rín jù, á ṣí i gààràgà, á ní òun ti kà á tán.

Báwo ni ọmọ ṣe máa mọ ìwé tó le jù fún un?

Ẹ kọ́ wọn ní ọgbọ́n ìka márùn-ún nídìí tábìlì. Kí ó ṣí ojú-ewé kan láàárín ìwé, kí ó kà á, kí ó na ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Tí ìka márùn-ún bá ti nà kí ojú-ewé tó tán, kí ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Ọmọ tí kò tíì lè kàwé já gaara lè gba ìwé alàwòrán tàbí kí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kà pọ̀. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a pe ọmọ jáde níwájú àsẹ́ńbìlì pé kó ka ìlà kan. Bí ahọ́n rẹ̀ bá kọ́, kò ní sún mọ́ tábìlì náà mọ́ ní sáà yẹn.

Àwọn òbí kan kò fẹ́ ìtàn iwin àti òrìṣà. Kí la máa ṣe?

Ẹ fi ojú-ewé náà han ọ̀gá ilé-ìwé ṣáájú. Ní Ìlọrin, níbi tí ọmọ mùsùlùmí àti ọmọ kìrìsìtẹ́nì ti jọ ń tò sí ìlà kan, ó dára kí àyọkà àsẹ́ńbìlì jẹ́ èyí tí kò ní fa àríyànjiyàn, kí ìtàn iwin wà lórí tábìlì fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ló fẹ́ ìtàn. Ẹ lè ka ojú-ewé kan nípa àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí wọ́n lé ní 800, tí a kò sì mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ní 1945 ni wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ dá a dúró níbi ìbéèrè pé ta ló gbẹ́ wọn.

Nígbà wo gan-an ni wọ́n máa kà á?

Bí wọ́n bá ti jáde nílé-ìwé, ọ̀pọ̀ ń lọ sí ilé kéwú, òmíràn ń kiri ọjà fún ìyá rẹ̀, iná kì í sì í sábà sí lálẹ́. Ẹ má ṣe sọ fún wọn pé kí wọ́n kà á nílé nìkan. Ẹ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí olùkọ́ náà á jókòó ka ìwé tirẹ̀ níwájú wọn. Bí olùkọ́ bá fi àkókò náà máàkì ìwé, àwọn ọmọ á rí i.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọlé?

Ẹ má ka iye ọmọ tó wá sí tábìlì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sí. Ariwo ló gbé òmíràn wá. Ẹ wo ìwé àkọsílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ ka iye àwọn tí orúkọ wọn jáde lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọmọ 40 bá gba ìwé, tí 12 nínú wọn padà wá gba òmíràn láìsí ẹni tó rán wọn, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnì kankan, ẹ yẹ àwọn ìwé náà wò ná: bóyá wọ́n le jù, tàbí ìwé kíláàsì àtijọ́ ló kún ibẹ̀.

Tí ẹ bá pàdé ọmọ tó gba ìwé, ẹ má bi í pé "kí lo rí kọ́ níbẹ̀?" Ẹ bi í pé "ibo lo kà á dé?"

Ṣé kí n wá parí ìtàn náà ní àsẹ́ńbìlì tó tẹ̀ lé e?

Ẹ má parí ẹ̀. Àwọn márùn-ún tó gba ìwé náà ti mọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìyá oníyán sọ, wọ́n sì ń fi yan fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹ ka ojú-ewé ìwé mìíràn.